Ọjọ́ ìbí tọ̀nà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó fi ọjọ́ kan sẹ́yìn lórí ìwé tí a tẹ̀ jáde

Akọ́ṣẹ́_Kóòdù

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ sọ́fítíwíà kan tí ilé ìwé aládàáni kan fi ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Tíṣà á yan ọjọ́ ìbí lórí kàlẹ́ńdà nínú bíráwúsà, á sì wọ inú dátábéèsì PostgreSQL. Bí wọ́n bá ṣí i wò ní ilé ìwé, ọjọ́ náà pé. Ṣùgbọ́n ìwé tí sáfà ń tẹ̀ fún àwọn òbí ń fi ọjọ́ kan sẹ́yìn. Ọmọ ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 2014 ń di ọmọ ọjọ́ 11. Èyí tí wọ́n bí ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2015 ti di ọmọ ọdún 2014, kò sì bá ìwé NIN rẹ̀ mu. Ibo ni ọjọ́ kan yẹn ń gbà lọ?

Baba_Alátùn-únṣe

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí fóònù mi rí. Bátìrì rẹ̀ kú pátápátá, nígbà tí mo tún un tàn, ó ní ọdún 1970 la wà. Lọ síbi ètò aago, kí o jẹ́ kó máa mú aago fúnra rẹ̀ láti orí nẹ́tíwọ̀kì. Á tò.

Ọ̀dọ́_Yábàá

Baba, kì í ṣe aago ẹ̀rọ ló bàjẹ́, bí wọ́n ṣe pa ọjọ́ mọ́ ni. Akọ́ṣẹ́, òfin kan ṣoṣo ló wà fún nǹkan yìí: UTC, aago àjọlò gbogbo ayé, ni kí o fi pa gbogbo ọjọ́ mọ́. Ìgbà tí o bá fẹ́ fi han èèyàn ni kí o tó yí i sí aago Nàìjíríà. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ìyẹn kò ní rí wàhálà ọjọ́ láéláé.

Àgbà_Dátábéèsì

Ọ̀dọ́ Yábàá, UTC ni wọ́n fi pa á mọ́ báyìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀nà ti wọ́. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ọmọ ọjọ́ 12 oṣù Kẹta yẹn láti ọwọ́ tíṣà títí dé orí ìwé.

`Date` tí JavaScript ní kì í ṣe ọjọ́ tó wà lórí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Iye kan ni: iye àkókò tó ti kọjá láti agogo méjìlá òru ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1970 ní aago UTC. Òun là ń pè ní táìmùsítáǹpù. Nítorí pé iye ni, kò lè dúró láìní wákàtí. Tíṣà kò sì mú wákàtí kankan wá, ọjọ́ nìkan ló tẹ̀. Kàlẹ́ńdà wá bá a fi agogo méjìlá òru sí i, agogo méjìlá òru ti ibi tí kọ̀ǹpútà tíṣà wà. Nígbà tí aago bá lu méjìlá òru ní Nàìjíríà, agogo mọ́kànlá alẹ́ àná ni UTC ṣì wà.

```js
// lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo aago Èkó
const ojo = new Date(2014, 2, 12);
ojo.getTime() / 1000;  // 1394578800
JSON.stringify(ojo);   // "2014-03-11T23:00:00.000Z"
```

Ẹ má jẹ́ kí 2 àárín yẹn rú yín lójú, oṣù Kẹta ni, òdo ni JavaScript fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni bíráwúsà fi ránṣẹ́. Ọjọ́ 11 ti wà lára rẹ̀ kó tó kúrò lórí tábìlì tíṣà. Nígbà tí tíṣà yìí kan náà bá tún ṣí i, bíráwúsà rẹ̀ á fi wákàtí kan kún un, á bọ́ sí ọjọ́ 12, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi rí àléébù kankan ní ilé ìwé. Sáfà tó ń tẹ̀wé, aago UTC ló ń lò ní tirẹ̀. Kò ní wákàtí kankan tó máa fi kún un, ó sì tẹ 11. Wákàtí kan péré ló yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ààlà ọjọ́ méjì ni wọ́n gbé ọjọ́ náà sí, kò sí àyè tó lè fi yẹ̀ láìṣubú sí ìhà kejì.

Àbúrò, irú kọ́lọ́ọ̀mù wo lo fi ọjọ́ ìbí sí? Ṣé `timestamptz` ni àbí `date`? Èsì rẹ ló máa sọ bóyá a ṣì lè gba àwọn ọjọ́ yẹn padà.

Ọ̀dọ́_Yábàá

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò kàn ní yí aago sáfà sí `Africa/Lagos`? Ìlà kan ni, ìwé á sì tọ̀nà lóru òní.

Akọ́ṣẹ́_Kóòdù

`timestamptz` ni, sà. Mo rò pé ó dára nítorí wọ́n ní ó máa ń rántí agbègbè aago. Ọ̀rọ̀ aago sáfà yẹn, mo gbìyànjú ẹ̀, ìwé sì tọ̀nà lóòótọ́. Àmọ́ bàbá ọmọ kan tó wà ní Húsítọ̀n ṣí ojú òpó náà láti ọ̀hún, ọjọ́ 11 ló ń rí. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́.

Àgbà_Dátábéèsì

Bàbá Húsítọ̀n ti dá Ọ̀dọ́ Yábàá lóhùn. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 11 ní UTC, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 11 ni lọ́dọ̀ tiwọn. Bo bá yí sáfà padà, ìwé ló tún ṣe, iye tó wà nísàlẹ̀ kò yí. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá gbé sáfà náà lọ síbòmíràn, ó tún dé.

Ní ti `timestamptz`, kì í rántí agbègbè kankan. Bí o bá fún un ní àkókò tó ní agbègbè lára, á yí i sí UTC, á sì ju orúkọ agbègbè náà nù. Nígbà tí o bá béèrè, ó ń yí i sí agbègbè tí ìjókòó rẹ pẹ̀lú dátábéèsì ń lò nígbà yẹn. Orúkọ rẹ̀ ló ń tan èèyàn.

Ibi tí mo ti yapa sí òfin UTC ni pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló jẹ́ ìṣẹ́jú kan pàtó nínú ayé. Ìgbà tí òbí san owó ilé ìwé, ìṣẹ́jú kan pàtó ni, gbogbo ayé ló sì wà nínú ìṣẹ́jú yẹn pa pọ̀. UTC ló yẹ ẹ́. Ọjọ́ ìbí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí n'Íbàdàn ní ọjọ́ 12, bó bá dé Húsítọ̀n, kò di ọmọ ọjọ́ 11. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, orí ọjọ́ ìbí yẹn ni wọ́n ti kà á, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n pé agogo mélòó ló lù ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan mẹ́ta ni ọjọ́ ìbí: ọdún, oṣù, ọjọ́. `date` ni PostgreSQL ń pè é, ó sì máa ń padà wá bó ṣe lọ. Láti bíráwúsà, ọ̀rọ̀ `"2014-03-12"` ni kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú fọ́ọ̀mù. Kó má ṣe gba inú `Date` kọjá rárá.

Ìyá_Ìbejì_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tiyín yìí jọ tèmi, àmọ́ kò bá a mu délẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ ìjọ wa níbí, ọmọ àbúrò mi ló kọ sọ́fítíwíà rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí ní oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ wọn ń fi ọjọ́ kan sẹ́yìn. Àwọn ti oṣù Kejìlá kò yí. Ṣùgbọ́n màmá kan wà tí wọ́n bí ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní 1970, ọjọ́ 19 ni ẹ̀rọ ń gbé fún wa. Nǹkan mìíràn tó tún ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé, bí mo bá ṣí orúkọ ẹnì kan láti yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà, tí mo sì tẹ ibi ìpamọ́, ọjọ́ ìbí náà tún ń fi ọjọ́ kan mìíràn sẹ́yìn. N kò fọwọ́ kan ọjọ́ ìbí o!

Àgbà_Dátábéèsì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ìjọ. Ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ti sọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé irú ìlà yìí wà nínú kóòdù ọmọ yẹn:

```js
ojo.toISOString().slice(0, 10)
```

Ó ń yí ọjọ́ sí UTC, ó wá ń gé wákàtí rẹ̀ sọnù. Ní Nàìjíríà, ìlà yìí máa ba gbogbo ọjọ́ jẹ́, nítorí wákàtí kan ni a fi ṣáájú UTC jálẹ̀ ọdún. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni aago yín fi wákàtí kan ṣáájú, láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di ti oṣù Kẹwàá. Ìgbà òtútù, ẹ̀yin àti UTC jọ wà pa pọ̀ ni, kò sí ohun tó máa gé dànù. Bí ìdajì ọdún bá ń bàjẹ́ tí ìdajì sì dúró, aago tó ń yí pẹ̀lú ìgbà ni ká kọ́kọ́ fura sí.

Màmá ọdún 1970 yẹn kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n sún aago Bìrìtéènì síwájú ní oṣù Kejì 1968, wọn kò dá a padà mọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1971. Nítorí náà, aago wọn ṣáájú UTC pẹ̀lú wákàtí kan ní oṣù Kìn-ín-ní 1970, nínú òtútù. Bíráwúsà mọ ìtàn yìí, àkójọ ìtàn aago gbogbo ayé wà nínú rẹ̀. Ó tilẹ̀ túmọ̀ sí pé nígbà tí táìmùsítáǹpù jẹ́ òdo gan-an, agogo kan òru ni aago ara ògiri ń sọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ti ọjọ́ tó ń wọ́ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa á mọ́: fọ́ọ̀mù náà ń ka ọjọ́ tó ti bàjẹ́, ó ń fi agogo méjìlá òru Lọ́ńdọ̀nù sí i, ó tún ń gé e. Ọjọ́ kan ń lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Fún ọmọ tí wọ́n bí ní ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, á máa bọ̀ títí á fi dé ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ọdún náà, ibẹ̀ ló máa dúró sí, nítorí agogo kan òru ni wọ́n máa ń sún aago síwájú lọ́jọ́ yẹn, agogo méjìlá òru rẹ̀ sì ṣì bá UTC mu. Ní Èkó, kò síbi tó máa dúró.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ níbẹ̀ mọ́ títí ọmọ yẹn á fi tún un ṣe. Wákàtí ti lọ nínú dátà tiyín, kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè fi dá a mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mélòó ni ọjọ́ kan ti yẹ̀. Ẹ máa ní láti bi àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn.

Ìyá_Ìbejì_Lọ́ńdọ̀nù

Áà. A máa bi wọ́n ní Sọ́ńdè. Ẹ ṣé gan-an, sà.

Àgbà_Dátábéèsì

Akọ́ṣẹ́, tìrẹ dára ju tiwọn lọ, nítorí wákàtí ṣì wà lára dátà rẹ. Wákàtí yẹn ló máa jẹ́rìí ibi tí ẹni tó tẹ ọjọ́ náà wà. Ṣe ẹ̀dà gbogbo dátábéèsì pamọ́ ná, lẹ́yìn náà kí o wo èyí:

```sql
SELECT (ojo_ibi AT TIME ZONE 'UTC')::time AS wakati,
       count(*)
FROM akeko
GROUP BY 1 ORDER BY 2 DESC;
```

Bí kọ̀ǹpútà Nàìjíríà nìkan ló tẹ̀ wọ́n wọlé, 23:00 nìkan lo máa rí. Ohunkóhun tó bá yàtọ̀, wá sọ ọ́ fún wa.

Akọ́ṣẹ́_Kóòdù

Mo ti wò ó. 23:00 ló pọ̀ jù lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. 00:00 náà wà, púpọ̀ díẹ̀. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ 22:00. Nínú àwọn 00:00, mo rí ọmọ iléèwé jẹ́léósinmi mélòó kan tí ọdún ìbí wọn jẹ́ 1970!

Àgbà_Dátábéèsì

Èyí tó jẹ́ 00:00, ó dá mi lójú pé bíráwúsà kọ́ ló tẹ̀ wọ́n. Ǹjẹ́ o fi fáìlì Excel kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé? `new Date("2014-03-12")`, tí kò sí wákàtí nídìí rẹ̀, JavaScript ń kà á sí agogo méjìlá òru UTC. Fi `T00:00` sí ìdí rẹ̀, á yí padà di agogo méjìlá òru ti ibi tí ẹ̀rọ wà. Ohun tó jọra lójú ni, èsì wọn yàtọ̀.

Èyí tó jẹ́ 22:00, ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ fi wákàtí méjì ṣáájú UTC ló tẹ̀ ẹ́, irú aago tí wọ́n ń lò ní Gúúsù Áfíríkà. Wo àwọn láptọ́ọ̀pù tó wà ní ọ́fíìsì.

Àwọn ọmọ 1970, Baba Alátùn-únṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n o. Ibi tí wọ́n fi ọjọ́ ìbí sílẹ̀ láìkọ ni. `new Date(null)` ń fúnni ní òdo, òdo sì ni ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1970, bíi ti fóònù wọn tó gbàgbé aago. Sọ àwọn yẹn di òfìfo padà, ẹni tí a kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n.

Àwọn tó kù, ọ̀nà kan máa gba gbogbo wọn. Fi wákàtí méjìlá kún un ní UTC, kí o mú ọjọ́ tó bá bọ́ sí:

```sql
ALTER TABLE akeko ADD COLUMN ojo_ibi_tuntun date;

UPDATE akeko SET ojo_ibi_tuntun =
  ((ojo_ibi AT TIME ZONE 'UTC') + interval '12 hours')::date;
```

Agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 11 á di agogo mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ 12. 22:00 á di agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ 12. 00:00 ọjọ́ 12 á di ọ̀sán gangan ọjọ́ 12. Bí bàbá Húsítọ̀n bá ti tẹ ọmọ rẹ̀ wọlé láti ọ̀hún, 05:00 tàbí 06:00 ọjọ́ 12 ló máa jẹ́, òun náà á sì dúró sí 12. Má pa kọ́lọ́ọ̀mù àtijọ́ rẹ́ títí wọ́n á fi yẹ ìwé ẹ̀rí ìbí wò fún kíláàsì kan ó kéré tán.

Akọ́ṣẹ́_Kóòdù

Òótọ́ ni, láptọ́ọ̀pù akọ̀wé kan wà tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tó ti Gúúsù Áfíríkà dé, aago ọ̀hún ló ṣì ń lò. Excel náà, mo kó o wọlé lóòótọ́. Gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí i.

Ìṣòro kan ló kù, sà. Akọ̀wé ti rí i tipẹ́ pé ìwé ń fi ọjọ́ kan sẹ́yìn. Fún àwọn ọmọ kan, ó lọ tẹ ọjọ́ 13 sórí kàlẹ́ńdà kí ìwé lè gbé 12. Kò rántí àwọn wo.

Àgbà_Dátábéèsì

Èyí le. Iye tó máa wà fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ni agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 12, àtúnṣe tèmi á sì sọ ọ́ di ọmọ ọjọ́ 13. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tó yà á sọ́tọ̀ sí ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 13 lóòótọ́. Ṣé o ní kọ́lọ́ọ̀mù tó ń sọ ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn? Bó bá wà, àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ kàn lẹ́yìn ìgbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde ni kí o yà sápá kan, kí wọ́n fi wọ́n wé ìwé ẹ̀rí ìbí. Bí kò bá sí, gbogbo wọn ni.

Akọ́ṣẹ́_Kóòdù

Kò sí. Ẹ̀dà dátábéèsì ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá wà lọ́wọ́ mi, máa fi wé ti ìsinsìnyí. Èyí tó bá fi ọjọ́ kan lọ síwájú láàárín méjèèjì, òun ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Àwọn tó yí padà ṣáájú ìgbà yẹn, ìwé ẹ̀rí ìbí ló kù.

Oníbọ́ọ̀sì_Kútọnu

Èmi ní tèmi, bọ́ọ̀sì ni mò ń tà tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Kútọnu sí Lomé. Kútọnu fi wákàtí kan ṣáájú Lomé. Ṣé `date` yìí náà ni kí n lò? Àwọn èrò Lomé ń dé lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ.

Ọ̀dọ́_Yábàá

Ibí yìí ni UTC ti tọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n, àbí mo tún ṣì í? Ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá gbéra, ìṣẹ́jú kan ni.

Àgbà_Dátábéèsì

O ò ṣì í. Fún bọ́ọ̀sì ọ̀la tàbí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, UTC tọ́. Ṣùgbọ́n Oníbọ́ọ̀sì, kọ orúkọ agbègbè ibùdókọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, `Africa/Lome` tàbí `Africa/Porto-Novo`, kí tíkẹ́ẹ̀tì máa gbé aago ibi tí èrò ti ń wọkọ̀. Aago fóònù èrò kọ́ ni kí o tẹ̀ lé, nítorí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Lomé láti Kútọnu máa rí wákàtí Kútọnu.

Fún ìpàdé tó ṣì jìnnà lọ́jọ́ iwájú, mi ò ní fi UTC nìkan pa á mọ́. Ní 2019, ìjọba Bùràsíìlì fagi lé sísún aago síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ti yí agogo mẹ́ta ọ̀sán oṣù Kejìlá ọdún yẹn ní São Paulo sí UTC ṣáájú òfin náà, agogo méjì ọ̀sán ni ẹ̀rọ máa gbé fún un lẹ́yìn òfin. Aago ibẹ̀ bí èèyàn ṣe sọ ọ́ lẹ́nu, pẹ̀lú orúkọ agbègbè, ni kí o pa mọ́ fún irú ìyẹn, kí o ṣírò UTC nígbà tó bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

Akọ́ṣẹ́_Kóòdù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kan sí i. Sọ́fítíwíà mìíràn tí ilé ìwé ń fi ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ sí kò gba `date`, táìmùsítáǹpù ló ń béèrè. Ṣé kí n fi agogo méjìlá òru Èkó ránṣẹ́ sí wọn?

Ọ̀dọ́_Yábàá

Ọ̀sán gangan ni kí o fi ránṣẹ́, `2014-03-12T12:00:00Z`. Kò sí ẹnu ààlà nítòsí rẹ̀.

Àgbà_Dátábéèsì

Ó máa gbé e dé ibi púpọ̀, láti ibi tó fi wákàtí méjìlá rẹ̀yìn títí dé ibi tó fi mọ́kànlá ṣáájú. Ní New Zealand, tó fi méjìlá tàbí mẹ́tàlá ṣáájú, ó ti di ọjọ́ 13. N kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí ọ̀sán gangan yẹn lẹ́yìn ọ̀la á rò pé wákàtí tí wọ́n bí ọmọ nìyẹn. Kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni sọ́fítíwíà náà, bi wọ́n ní agbègbè aago tí àwọn fi ń kà á.

Ọ̀dọ́_Yábàá

Wọn kì í fèsì, ẹ̀gbọ́n. Èmi ṣì máa fi ọ̀sán ránṣẹ́.